Ogun Wo Ni Wọ́n Ń Wá? Bí Ẹ̀rọ Ìṣàwárí Ṣe Ń Pín Àyè fún Ọ̀rọ̀ Onítumọ̀ Púpọ̀

Lẹ́tà mẹ́rin péré ni `ogun` nígbà tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i, ṣùgbọ́n ohun márùn-ún ó kéré tán ló lè fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí Abẹ́òkúta jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ó lè jẹ́ Ògún, òrìṣà onírin. Ó lè jẹ́ ogun tí jagunjagun ń jà, tàbí ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ, tàbí ogún tó tẹ̀ lé mọ́kàndínlógún. Bí ẹni tó ń wá nǹkan bá tilẹ̀ ní sùúrù láti fi àmì sí i, méjì tó gbẹ̀yìn yìí kò níyàtọ̀ rárá, nítorí ohùn kan náà ni wọ́n ní. Ẹ̀rọ ìṣàwárí kò rí ojú ẹni tó ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ni èsì mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó láti kún ojú fóònù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pín àyè kékeré yìí kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rí ohun tí wọ́n bá wá, ohun yòówù kí ó jẹ́.

Ìlànà àtijọ́ tí wọ́n fi ń to èsì kò ro ti pípín àyè. Ní 1977, Stephen Robertson, onímọ̀ ìwárí ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: kí ẹ̀rọ wo bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé ojú-ewé kọ̀ọ̀kan yóò wúlò, kí ó sì tò wọ́n láti orí èyí tó ṣeé ṣe jù lọ wá sísàlẹ̀. Àmọ́ nínú àpilẹ̀kọ yẹn kan náà ló ti fi àlébù ìlànà náà hàn, pẹ̀lú àpẹẹrẹ tó gbà lọ́wọ́ William Cooper. Ènìyàn 150 tẹ ọ̀rọ̀ kan náà. Ìwé mẹ́sàn-án wà tí èyíkéyìí nínú wọn yóò tẹ́ 100 nínú wọn lọ́rùn. Ìwé kẹwàá nìkan ni 50 tó kù ń wá. Bí a bá tẹ̀ lé ìlànà yìí, ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yóò ṣíwájú, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúlò fún ènìyàn púpọ̀ ju ìkẹwàá lọ. Àwọn 50 yóò sì la ìwé mẹ́sàn-án tí kò kàn wọ́n kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Bẹ́ẹ̀, ká ní wọ́n gbé ìkẹwàá sí ipò kejì ni, gbogbo ènìyàn ì bá ti rí tirẹ̀ láàárín ìwé méjì. Ibi tí ìlànà náà ti kùnà ni pé ó ń díwọ̀n ojú-ewé kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun nìkan ló wà, kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí àwọn tó wà lókè ti ṣe.

Ọ̀nà kan tó tún èyí ṣe ni IA-Select, tí Rakesh Agrawal àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Microsoft gbé jáde ní 2009. Ìṣirò rẹ̀ kò ju ti ìyá ọlọ́jà lọ. Ká fi ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó tẹ `ogun` ṣe àpẹẹrẹ, kí iye wọn jẹ́ iye àfọwọ́dá. Ká ní 50 ń wá ìpínlẹ̀, 30 ń wá òrìṣà, 15 ń wá ogun jíjà, 5 sì ń wá ogún bàbá; ká fi ogún tí í ṣe iye sílẹ̀. Ká tún ní ojú-ewé tó dára máa ń tẹ́ ènìyàn mẹ́jọ lọ́rùn nínú mẹ́wàá tó ń wá ohun tó sọ̀rọ̀ lé lórí.

Fún ipò kìíní, ojú-ewé ìpínlẹ̀ yóò tẹ́ 40 lọ́rùn, ti òrìṣà 24, ti ogun jíjà 12, ti ogún bàbá 4. Ìpínlẹ̀ ló borí. Ṣùgbọ́n ní kété tó bá ti gba ipò náà, ẹni mẹ́wàá péré ló kù tó ṣì ń wá a. Ojú-ewé kejì nípa ìpínlẹ̀ kò lè ran ju mẹ́jọ lọ nínú wọn, nítorí náà òrìṣà, pẹ̀lú 24 tirẹ̀, gba ipò kejì. Àwọn tó ń wá òrìṣà wá ku mẹ́fà. Ogun jíjà fi 12 gba ipò kẹta. Ní ipò kẹrin, ó tún kan ìpínlẹ̀, tí mẹ́jọ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ní ipò karùn-ún, òrìṣà fi díẹ̀ báyìí borí ogún bàbá, 4.8 sí 4. Ìgbà tó di ipò kẹfà ni ogún bàbá tó wọlé. Èyí fi hàn pé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yíká. Ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń wá lè padà wá gba ipò lẹ́ẹ̀kejì kí èyí tí àwọn díẹ̀ ń wá tó gba àkọ́kọ́.

Wo èsì mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dá lé ìpínlẹ̀, wọn kò lè tẹ́ ju 50 lọ lọ́rùn nínú ọgọ́rùn-ún. Pẹ̀lú ìtò tuntun yìí, 40, 24 àti 12 di 76. Ẹni tó ń wá ìpínlẹ̀ ló san owó rẹ̀: ojú-ewé kejì tí ì bá wà ní ipò kejì fún un ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìkẹrin. Ọ̀nà yìí máa ń mú èyí tó wúlò jù ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìwo ẹ̀yìn, nítorí pé yíyẹ gbogbo àkópọ̀ tó ṣeé ṣe wò yóò pẹ́ jù. Síbẹ̀, ìṣirò ti fi hàn pé ohun tó bá mú jáde kò lè kéré sí nǹkan bí 63 nínú ọgọ́rùn-ún àǹfààní àkópọ̀ tó dára jù lọ.

Ibi tí 50, 30, 15 àti 5 yẹn ti ń wá gan-an ni ìṣòro wà. Àkọsílẹ̀ àwọn tó ti wá nǹkan ṣáájú ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò: lẹ́yìn `ogun`, mélòó ló padà wá tẹ `ogun state`, mélòó ló tẹ `ogun orisa`? Wọ́n tún ń wo èsì tí àwọn ènìyàn tẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìtẹ̀ yìí sì lè tan ẹ̀rọ jẹ. Èsì tí kò bá hàn lókè, ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ ẹ́; ẹ̀rọ yóò wá gbà pé kò sí ẹni tó ń wá a, yóò sì tún tì í sísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń dán an wò nípa gbígbé èsì kan tó wà nísàlẹ̀ sókè fún ìwọ̀nba ènìyàn, láti mọ̀ bóyá wọn yóò tẹ̀ ẹ́.

Ìṣòro kejì kọjá ohun tí ìtò èsì lè yanjú. Bí ojú-ewé tó dára jù lọ nípa ogún bàbá kò bá lè tẹ́ ju ẹni méjì lọ́rùn nínú mẹ́wàá, àǹfààní rẹ̀ nínú àpẹẹrẹ òkè yìí yóò já láti 4 sí 1, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ láti ipò kẹfà sí ìkẹjọ. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn sí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ẹ̀rọ mọ ìtumọ̀ náà, àwọn tó ń wá a wà, ojú-ewé rere ló wọ́n.

Láti mọ̀ bóyá ìtò kan dára, ìwọ̀n kan tí Charles Clarke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2008 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ojú-ewé àkọ́kọ́ lórí ìtumọ̀ kan gba máàkì kíkún. Bí wọ́n ṣe sábà ń lò ó, èkejì lórí ìtumọ̀ kan náà gba ìdajì, ẹ̀kẹta gba ìdá mẹ́rin, bí èsì sì ti ń jìnnà sí òkè ni máàkì rẹ̀ ń dín kù sí i. Nípa ìwọ̀n yìí, ojú-ewé mẹ́wàá lórí Ìpínlẹ̀ Ògùn, bí ó ti wù kí wọ́n dára tó, kò lè gba máàkì tó ojú-ewé méjì lórí ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ogún tí í ṣe iye gan-an ní láti fi ọ̀rọ̀ kejì kún tirẹ̀ fúnra rẹ̀, bí àpẹẹrẹ `ogun onka yoruba`, nítorí kò sí ìtò èsì tó lè fi í sókè níwọ̀n bí iye àwọn tó ń wá a bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀.