Ẹ̀fọ́rí Tó Lè Fọ́jú

Ẹ̀fọ́rí wọ́pọ̀ láàárín wa débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á sí àìsàn. Panadó méjì, oorun díẹ̀, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí kan wà tó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló ń bá fínra jù. Orí ló ń dun aláìsàn, àmọ́ ojú ni àìsàn náà ń bà jẹ́. Ohun tó mú kó léwu ni pé ẹni tó ń ṣe lè jókòó síwájú pátákó tí wọ́n fi ń dán ojú wò, kó ka lẹ́tà ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀ láìṣì í, kí wọ́n sì ní kó máa lọ sílé, pé kò sóhun tó ṣe ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìríran rẹ̀ ti ń kú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sáàárín.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n irú ohun tí àwọn dókítà ń bá pàdé lára àwọn aláìsàn wọ̀nyí la ó kà sí i lára. Ká ní aránṣọ ni, ní Ìbàdàn, ẹni ọdún 27. Láti ìgbà tó ti bí ọmọ rẹ̀ kejì ló ti ń sanra, ìwọ̀n rẹ̀ kúrò ní kílò 80, ó di 92 láàárín ọdún kan. Ni ẹ̀fọ́rí bá dé. Ó máa ń le láàárọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó sì máa ń le bó bá wúkọ́ tàbí tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ibà ni, ó lo oògùn ibà. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Wọ́n ní túúlu ni. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní apá, kò ga. Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bàìbàì, ó lọ ra awò.

Nǹkan mẹ́ta wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò mọ̀ pé wọ́n bá ẹ̀fọ́rí rẹ̀ tan. Bí sáásì bá bọ́ sábẹ́ máṣíìnì, tó bẹ̀rẹ̀ mú un, tó sì nàró, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì tún là. Lóru, tó bá ti gbórí lé ìrọ̀rí, á máa gbọ́ ariwo kan létí, tó ń lọ tó ń bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ẹ̀kẹta, èjìká rẹ̀ ti ń gbá férémù ilẹ̀kùn, ọmọ á dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní mọ̀ àfi tó bá fọhùn. Síbẹ̀, ó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láìwá a kiri. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè gbà pé ojú òun ń lọ.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Omi kan wà tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, tó mọ́ gaara. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílílítà 150 lọ lára àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ara ń ṣe tó ìdajì lítà tuntun lójúmọ́, èyí tó ti pẹ́ á sì máa ṣàn padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀nà àbájáde omi yìí kò bá gbà á tó bó ṣe yẹ, á ṣe bí àgbàrá tí gọ́tà kò gbà mọ́: á kún padà sẹ́yìn. Eegun ni agbárí, kò ṣeé nà. Nítorí náà, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fún ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ pọ̀.

Ojú ló wá fara gbá a jù. Iṣan tó gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ, apá kan ọpọlọ gan-an ni. Awọ tó bo ọpọlọ ló bo òun náà, omi kan náà ló sì yí i ká títí dé ẹ̀yìn ẹyinjú. Bí omi bá ń fún ọpọlọ, ó ń fún iṣan yìí, orí iṣan náà á sì wú nínú ojú. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ á máa kú. Àwọn tó ń gbé ìríran ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Èyí tó wà fún àárín, tí a fi ń kàwé tí a sì fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ló máa ń gbẹ̀yìn. Fọ́nrán tó bá ti kú kì í hù padà, awò kankan kò sì lè rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí dókítà bá rí irú wíwú yìí, tó sì wádìí títí tí kò rí kókó nínú ọpọlọ, tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó dì, tí kò rí àkóràn, orúkọ tó máa ń pè é ni ìfúnpá inú agbárí tí a kò rí okùnfà rẹ̀. Lẹ́tà IIH ni wọ́n sábà máa ń kọ sínú fáìlì. Kì í ṣe ohun tuntun. Lọ́dún 1937, Walter Dandy, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Baltimore, kọ̀wé nípa aláìsàn 22 tí ìfúnpá orí wọn ga láìsí kókó kankan nínú ọpọlọ wọn.

Àwọn obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ, tí wọ́n sanra tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sanra sí i láìpẹ́, ló ń ṣe jù. Ṣùgbọ́n oògùn náà lè fa ohun tó jọ ọ́: tẹtirasáíkílìn àti dọ́kísísáíkílìn, tí àwọn ènìyàn ń rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà, oògùn irorẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀yà fítámì A ṣe, àti oògùn ìsanra tó ní sítẹ́rọ́ìdì nínú, pàápàá bí ẹni tó ti ń lò ó bá ṣíwọ́ lójijì. Ó dára ká dárúkọ gbogbo ohun tí a ń lò fún dókítà, títí kan èyí tí a rà fúnra wa.

Bí aránṣọ yìí bá dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú tó mọṣẹ́, kíka lẹ́tà ara pátákó kò ní tó o. Á kán oògùn tó ń ṣí ọmọ ojú sílẹ̀ sí i lójú, á dín iná yàrá kù, á sì fi iná kékeré wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀ gba inú ihò dúdú tó wà láàárín ẹyinjú. Láti ọdún 1851, tí Hermann von Helmholtz ará Jámánì ti ṣàlàyé irinṣẹ́ yìí fáráyé, ló ti ṣeé ṣe láti fojú rí orí iṣan ojú láìla ènìyàn. Bí ara bá pé, orí iṣan náà rí róbótó, etí rẹ̀ hàn kedere. Ti obìnrin yìí wú lójú méjèèjì, etí rẹ̀ ti pòórá, wíwú náà ti bo àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á wọn bí ojú rẹ̀ ṣe ríran gbòòrò tó. Á gbé àgbọ̀n lé ibi tí wọ́n ṣe fún un níwájú ẹ̀rọ kan, wọ́n á bo ojú kan, á sì tẹjú mọ́ àmì àárín. Iná tíńtín á máa tàn káàkiri, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì máa tẹ bọ́tìnì nígbà tó bá rí i. Ìwé tó bá jáde á fi ibi tí kò ti ríran hàn. Ìwé yìí ni wọ́n á máa fi wé ti ìbẹ̀wò tó ń bọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ojú ń lọ tàbí ó ń bọ̀.

Kò ní sùn ilé kó tó lọ sílé ìwòsàn ńlá. Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n á tún wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ru gidigidi lè wú iṣan ojú bákan náà. Wọ́n á wo iye ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bóyá ó kéré jù. Wọ́n á ya àwòrán inú orí, wọ́n á sì ya ti àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọpọlọ, torí ẹ̀jẹ̀ lè dì níbẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Bí ibẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ní kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó ká orúnkún mọ́ àyà, wọ́n á fi oògùn pa ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sì ti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sáàárín eegun ibẹ̀. Omi á gun ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n fàlà sí, tí wọ́n so mọ́ abẹ́rẹ́ náà. Bó bá dúró ní sẹ̀ǹtímítà 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára àgbàlagbà, ó ga. Ká ní ti obìnrin yìí dúró ní 34.

Ìtọ́jú rẹ̀ pín sí méjì. Àkọ́kọ́ ni dídín ìwọ̀n ara kù: kílò 5 sí 14 fún ẹni tó wọn kílò 92, ìyẹn ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, lè mú ìfúnpá náà rọlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, kì í ṣe kéèyàn febi para rẹ̀. Ìkejì ni oògùn asẹtasólámáìdì, tó ń dín omi tí ara ń ṣe kù. Ìwádìí kan tí wọ́n fi aláìsàn 165 ṣe ní Àríwá Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2014, fi hàn pé ìríran àwọn tó lo oògùn yìí pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n dín kù dára ju ti àwọn tó dín oúnjẹ kù nìkan. Ó lè mú kí ìka máa ṣe bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un, kí ọtí ẹlẹ́rìndòdò má dùn lẹ́nu mọ́, kí ìtọ̀ sì pọ̀. Ẹni tó lóyún, tàbí tó ní òkúta nínú kíndìnrín, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó lò ó. Bí ojú bá ń yára lọ, iṣẹ́ abẹ ló kù, láti ṣí awọ tó bo iṣan ojú tàbí láti fi rọ́bà darí omi kúrò nínú orí.

Ẹ̀fọ́rí lè má tán pẹ̀lú ìfúnpá náà. Ẹni tó ń lo oògùn ìrora lọ́pọ̀ ọjọ́ lóṣù, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè máa dá ẹ̀fọ́rí sílẹ̀. Nítorí náà, bóyá orí ṣì ń fọ́ tàbí kò fọ́ mọ́ kọ́ la fi ń mọ̀ pé ojú wà láìléwu. Ẹ̀yìn ojú àti ìwé ẹ̀rọ yẹn la fi ń mọ̀ ọ́n, ìdí sì nìyẹn tí aláìsàn fi ní láti máa padà lọ fún àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bó bá tún sanra padà, àìsàn náà lè padà.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ̀fọ́rí ń bá fínra, bí ojú bá ń ṣókùnkùn tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ bá dìde, bí etí bá ń hó pẹ̀lú ìlù ọkàn, bí nǹkan kan bá ń di méjì lójú yín, ẹ má kàn béèrè awò. Ẹ sọ fún dókítà ojú pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ojú mi, kẹ́ ẹ sì wọn bí mo ṣe ń ríran lẹ́gbẹ̀ẹ́.” Bí ìríran bá sì ń dín kù láti ọjọ́ dé ọjọ́, ẹ má dúró de ìpàdé tí wọ́n fún yín. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ dé ilé ìwòsàn tó ní dókítà ojú, nítorí irú èyí tó ń yára yìí lè gba ojú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.