Iná Pupa Ara Tẹlifíṣọ̀n Kọ́ Ló Ń Jẹ Owó Yín Jù

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, àṣẹ ni pé kí ẹni tó bá sùn kẹ́yìn yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n, nítorí iná pupa kékeré tó máa ń tàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbà pé òun ló ń kó yúníìtì lọ. Ó ń jẹ iná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ kò tó nǹkan. Ibòmíràn ni owó ń gbà jáde.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí mítà. Wáàtì ni wọ́n fi ń ka bí ẹ̀rọ ṣe ń fa iná sí, ẹ̀rọ tó bá sì fa 1,000 wáàtì fún wákàtí kan ti jẹ yúníìtì kan. Iye wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń jẹ́ èyí tó lè fà jù, kì í ṣe èyí tó ń fà lójoojúmọ́. Mítà ló lè sọ èyí tó ń fà gan-an.

Iná kékeré kan wà lójú mítà tó máa ń tàn, tó sì máa ń kú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á ti kọ nǹkan bíi `1000 imp/kWh`, ìyẹn ni pé tó bá tàn ní ìgbà 1,000, yúníìtì kan ti lọ. Ẹ pa gbogbo nǹkan yòókù nínú ilé, títí kan fìríìjì, kó ku tẹlifíṣọ̀n nìkan. Ẹ ka iye sẹ́kọ́ǹdì tó wà láàárín ìgbà tó tàn àti ìgbà tó tún tàn, kí ẹ sì fi pín 3,600. Tó bá jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì 45, tẹlifíṣọ̀n yín ń fa 80 wáàtì. Bó bá jẹ́ 1600 ni wọ́n kọ sára mítà, 2,250 ni kí ẹ pín dípò 3,600.

Ó wá ku owó. Ní April 2024, àjọ NERC gbé yúníìtì kan ní Báńdì A, níbi tí wọ́n ti ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́, sí 225 náírà. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ ká fi 210 náírà ṣírò, láìka owó orí mọ́ ọn. Ẹ fi iye tó wà lórí rìsíìtì yín rọ́pò rẹ̀. Tí ẹ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n 80 wáàtì yìí fún wákàtí 6 lójúmọ́:

```
80 × 6 × 30 ÷ 1000 = 14.4
14.4 × 210 = 3024
```

Ó di 3,024 náírà lóṣù. Iná pupa yẹn ńkọ́? Tẹlifíṣọ̀n tó ń sùn dáadáa kì í sábà fà ju ìdajì wáàtì lọ. Fún wákàtí 14 tó kù tí iná fi wà, owó rẹ̀ kò ju nǹkan bí 44 náírà lọ lóṣù. Ọ̀pọ̀ mítà kì í tilẹ̀ ka ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn ojú tẹlifíṣọ̀n ló ń jẹ iná jù. Àwòrán `Vivid` tàbí `Dynamic`, tí wọ́n fi ń fa ojú oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ yẹn sókè gan-an. Ẹ yí i sí `Standard` tàbí `Cinema`, kí ẹ sì dín `Backlight` kù títí yóò fi tu ojú lára lálẹ́. Lórí àwọn tẹlifíṣọ̀n kan, `Brightness` ni wọ́n pè é. Tí ẹ bá fọwọ́ kan ìyẹn, tó wá jẹ́ pé ibi tó dúdú nìkan ló ń yí padà, kì í ṣe òun. Ẹ tún wọn iná náà lójú mítà. Bó bá ti 80 bọ́ sí 50 wáàtì, owó oṣù di 1,890 náírà.

Ohun kejì ni `Quick Start`, èyí tó ń jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n tètè tàn. Kì í jẹ́ kó sùn dáadáa. Tó bá ń fa 12 wáàtì ní wákàtí 14 yẹn, nǹkan bí 1,058 náírà ló ń lọ lóṣù láìsí ẹni tó ń wò ó. Láti mọ̀, ẹ fi rìmóòtù pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ dúró bíi wákàtí kan, nítorí àwọn kan ṣì máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pa wọ́n. Tí iná mítà bá wá ń tàn ní ìṣẹ́jú márùn-márùn-ún, 12 wáàtì nìyẹn. Ẹ yẹ dikódà wò bákan náà. Àwọn mìíràn kì í sinmi bí a tilẹ̀ fi rìmóòtù pa wọ́n.

Yíyọ wáyà ṣì dára nítorí iná tó máa ń dé pẹ̀lú agbára. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ OLED, ẹ má yọ ọ́ ní kété tí ẹ bá pa á, torí ìgbà yẹn ló máa ń tún ojú ara rẹ̀ ṣe. Ní ti owó, ẹ kọ́kọ́ dín ìmọ́lẹ̀ kù, kí ẹ pa `Quick Start`, kí ẹ tó wá ronú kan iná pupa.