Ìwé Kan, Ayálégbé Mẹ́ta

Àwọn mẹ́ta gba ilé kan ní Ìbàdàn, ₦600,000 lọ́dún. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí wí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò dáhùn fún gbogbo owó náà. Bí ẹnì kan bá sá lọ, onílé lè bi ẹni tó kù ní odindi. Nítorí náà ni ọ̀kan ṣe kọ̀wé:

“Ẹ̀yin ará ilé, èmi tí mo wà ní yàrá ńlá á san ₦240,000, ẹ̀yin méjèèjì, ₦180,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká dáwó iná dọ́gba, àmọ́ ẹni tó ní fìríìjì á fi kún tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó jáde, kó sọ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ká mú arọ́pò rẹ̀ lọ bá onílé, kó yí orúkọ inú ìwé padà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbèsè ṣì wà lọ́rùn ẹni tó ti lọ.”