Omi Ìdọ̀tí Nídìí Ẹ̀rọ Ìfọbọ́: Ibo Ló Ti Wá?

Bí omi ìdọ̀tí bá dúró sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́, ìgbà tó dé síbẹ̀ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀. Tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́, tẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn rẹ̀, tẹ́ ẹ bá omi ọlọ́ràá nídìí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, omi tó fi fọ abọ́ ni kò rọ́nà jáde. Àmọ́ tí ìdí rẹ̀ bá gbẹ lálẹ́, tómi wá wà níbẹ̀ nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ fura sí síǹkì. Omi tẹ́ ẹ dà síbẹ̀ ló ṣeé ṣe kó gba ẹ̀yìn wọlé. Àrùn méjì ni, oògùn wọn ò sì jọra.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń gbé ní Pẹ́kámù, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló jẹ́ kí n rí i bí èèyàn ṣe lè fi oògùn ọ̀kan wo èkejì. Wọ́n ti ń fọ asẹ́ ẹ̀rọ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ra oògùn tó ń fọ ẹ̀rọ, omi náà kò sì yé padà wá. Mo bi wọ́n pé, “Ẹ̀gbọ́n, báwo lomi yẹn ṣe rí?” Wọ́n ní ó pọ́n bíi tíì, hóró ìrẹsì sì wà nínú rẹ̀. Mo tún bi wọ́n bóyá wọ́n fi ẹ̀rọ náà fọ ìkòkò ìrẹsì. Wọ́n ní, “Rárá o, àbúrò mi, inú síǹkì ni mo ti ń fọ ìkòkò.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú àṣírí rẹ̀.

Kí n tó sọ bá a ṣe yanjú ẹ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi asẹ́, torí òun ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò, òun ló sì sábà máa ń fa wàhálà. Ẹ pa iná ẹ̀rọ láti ara ògiri. Ẹ yọ àgbékọ́ abọ́ tìsàlẹ̀, ẹ fi kọ́ọ̀bù bu omi náà, kẹ́ ẹ fi kànrìnkànrìn fa èyí tó kù. Asẹ́ wà láàárín ìdí ẹ̀rọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ó ní apá kan tó dúró gbọọrọ bí ife, àti irin pẹlẹbẹ oníhò wínníwínní tó yí i ká. Ẹ yí apá tó dúró náà sí ọwọ́ òsì, yóò tú, kẹ́ ẹ gbé e sókè. Ẹ wò ó lójú iná: tí ìmọ́lẹ̀ kò bá lè gba inú rẹ̀ kọjá, omi náà kò lè gba ibẹ̀. Epo pupa tó dì àti ọ̀dà àmàlà máa ń bo ihò rẹ̀, kò sì ní hàn sójú títí ẹ ó fi fọwọ́ kàn án pé ó ń yọ̀.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ló tó. Ẹ má fi kànrìnkànrìn onírin ha á, torí tó bá ti ya, èérún oúnjẹ yóò máa gba ibẹ̀ lọ bá pọ́ǹpù. Ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ yí i títí yóò fi há dáadáa. Asẹ́ tí kò há burú ju asẹ́ tó dí lọ, nítorí ìdọ̀tí yóò máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ̀yin ò sì ní mọ̀.

Kòtò kékeré kan wà lábẹ́ asẹ́ náà. Omi díẹ̀ tó mọ́ tó bá wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àléébù, ó ń jẹ́ kí rọ́bà inú ẹ̀rọ má gbẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, torí àfọ́kù gíláàsì sábà máa ń sùn síbẹ̀, pẹ̀lú igi ìtayín, egungun adìyẹ àti bébà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ èso lọ́jà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò yìí ni abẹ̀bẹ̀ pọ́ǹpù tó ń ti omi jáde wà, lábẹ́ ìdérí kan tó ṣeé yọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ fi igi ṣíbí ti abẹ̀bẹ̀ náà. Kì í yí geerege. Á máa fò díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń tì í, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Tí kò bá mì rárá, nǹkan há sí i. Nínú ẹ̀rọ Bọ́ọ̀ṣì, tí `E24` bá hàn lójú rẹ̀, omi ni kò jáde. `E25` ní tirẹ̀ ń sọ pé pọ́ǹpù dí, tàbí ìdérí rẹ̀ kò jókòó dáadáa.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà tí omi ń bá jáde ló kù, ibẹ̀ sì lọ̀ràn ẹ̀gbọ́n mi wà. Rọ́bà yìí kò gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ lọ tààrà sínú páìpù síǹkì. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè dé abẹ́ pákó orí kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n so ó mọ́bẹ̀, kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí páìpù. Omi kì í fúnra rẹ̀ gun òkè. Pọ́ǹpù lágbára láti ti omi ẹ̀rọ kọjá ibi gíga yẹn, ṣùgbọ́n omi síǹkì kò ní ohun tí yóò tì í kọjá ibẹ̀ padà. Tí rọ́bà bá sùn sílẹ̀, tí páìpù síǹkì sì ń fa omi lọ́ra, omi síǹkì yóò kún dé ẹnu rọ́bà, yóò sì ṣàn lọ síbi tó lọ sílẹ̀ jù, ìyẹn inú ẹ̀rọ. Fáàfù kékeré kan máa ń wà tó yẹ kó dá a dúró, àmọ́ hóró ìrẹsì kan ṣoṣo tó há sí i ti tó láti jẹ́ kó máa ya ẹnu sílẹ̀.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi nu ìdí ẹ̀rọ gbẹ, kí wọ́n dí síǹkì, kí wọ́n fi omi ọlọ́ṣẹ kún un, kí wọ́n wá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà láìtan ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ, ìfófòó ti wà nídìí rẹ̀. A tan tọ́ọ̀ṣì sínú kọ́bọ́ọ̀dù: ìdè rọ́bà ti já, rọ́bà sì ti wó sílẹ̀ sẹ́yìn garawa ọṣẹ. A gbé e sókè, a so ó pa. A tún tú páìpù abẹ́ síǹkì, a gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rá tó ti dì sínú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i pátápátá. Ká ní rọ́bà nìkan la gbé sókè, síǹkì ì bá ṣì máa fa omi lọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn, a tún fi omi ọlọ́ṣẹ dán an wò, ìdí ẹ̀rọ sì gbẹ.

Tó bá jẹ́ pé lójú ẹsẹ̀ lẹ bá omi náà, tí asẹ́ àti kòtò sì mọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ bóyá rọ́bà ti ká. Lẹ́yìn náà, ẹ tú ẹnu rọ́bà kúrò lára páìpù síǹkì, kẹ́ ẹ dì í mú ṣinṣin sínú garawa, kẹ́ni kejì tan ẹ̀rọ kó lè da omi rẹ̀ nù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 3, yóò fagi lé iṣẹ́ tó ń ṣe, yóò sì da omi nù. Bí omi bá tú jáde pẹ̀lú agbára, ara ẹ̀rọ le, páìpù síǹkì ló dí. Tó bá jẹ́ síǹkì tuntun, ẹ wo ẹnu páìpù tẹ́ ẹ ti rọ́bà bọ̀: wọ́n máa ń dí i láti ilé iṣẹ́, àwọn púlọ́mbà kan sì máa ń gbàgbé láti gé e. Bí omi bá kàn ń kán tó, tó tó, rọ́bà ló dí, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ fi omi táàpù fọ inú rẹ̀. Tí rọ́bà bá mọ́, tí abẹ̀bẹ̀ ń mì, tí pọ́ǹpù sì ń kùn láìsí omi tó jáde, tàbí tí kò dún rárá, pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ló fẹ́ pààrọ̀, ìyẹn sì di iṣẹ́ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹ má da oògùn tó ń la páìpù sínú ẹ̀rọ rárá. Ó lè ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́, tó bá sì dúró nídìí rẹ̀, yóò jó ọwọ́ ẹni tó bá wá tún un ṣe.