Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àròkọ àṣàrò lórí ohun tó le ní wọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta, ìpele mẹ́fà ni ìlànà àṣàrò tí Graham Gibbs gbé jáde ní 1988 ní: ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe rí lára yín, ohun tó dára àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó, ìdí rẹ̀, ẹ̀kọ́ ibẹ̀, àti ètò fún ìgbà mìíràn.

Ká ní ìyá àgbà kan kú lóru, tí ọmọ rẹ̀ wá ń bú yín. Ẹ fi ìpínrọ̀ kan sọ ìtàn náà, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìdí ni kí ẹ fún láyè jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: “inú mi bàjẹ́” kì í ṣe ìdí. Ta ló yẹ kó túfọ̀ fún ẹbí? Ṣé orí ìdúró, lẹ́nu ọ̀nà, la ti sọ fún wọn? Kí ni ìwé sọ nípa rẹ̀?

Níbi ètò, “màá gbìyànjú sí i” kò tó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, màá pe nọ́ọ̀sì àgbà kí n tó lanu, a ó sì mú ẹbí lọ jókòó sí yàrá tó dákẹ́.”