Bí Ìyá Ṣe Ń Kọ́ Láti Gún Ọmọ Rẹ̀ Ní Abẹ́rẹ́ Ínsúlíìnì

Àtọ̀gbẹ tó sábà máa ń mú ọmọdé máa ń ba ibi tí ara ti ń ṣe ínsúlíìnì jẹ́, nítorí náà abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ di dandan. Ká ní ọmọkùnrin ọlọ́dún 8 ni, tí dókítà ní kó máa gba òṣùwọ̀n 6 kó tó jẹun àárọ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì ní kó kọ́kọ́ fi omi dánra wò lára ọsàn, nítorí èèpo rẹ̀ máa ń le díẹ̀ lẹ́nu abẹ́rẹ́ bí awọ ara.

Lẹ́yìn tó bá fọwọ́, ìyá á fa afẹ́fẹ́ dé ìlà 6, á tì í sínú ìgò, á dorí ìgò kodò, á sì fa oògùn dé ìlà kan náà. Bó bá rí afẹ́fẹ́ nínú sírínjì, á fìka ta á, á tì í jáde. Afẹ́fẹ́ náà kò léwu, àmọ́ ó ń gba ààyè oògùn, ohun tí ọmọ máa gbà kò sì ní tó. Ó wá fìka méjì rọra di awọ itan mú, ó gún un, ó ti oògùn tán, ó sì ka ení dé ẹ̀wá kó tó yọ ọ́.

Ojú kan náà kọ́ ni à ń gún lójoojúmọ́. Kókó á yọ níbẹ̀, oògùn kò sì ní wọlé déédéé mọ́.

Ohun tó yẹ kí ìyá ṣọ́ jù ni kí ṣúgà ọmọ wálẹ̀ jù. Òógùn, gbígbọ̀n àti ebi òjijì ni àmì rẹ̀. Omi ṣúgà ni kó fún un lójú ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá dákú, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.