Bí A Ṣe Ń Béèrè Owó Iná Lọ́wọ́ Alábàágbé Láì Dá Ìjà Sílẹ̀

Ká ní àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ jọ gba ilé oníyàrá méjì ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Mítà iná kan ni wọ́n ń lò, sílíńdà gáàsì kan, síǹkì kan. Ọ̀kan nínú wọn ló ń ra iná, òun náà ló ń rọ gáàsì, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú u. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí Wọ́sáàpù:

“Ó ti sú mi o. Gbogbo ìgbà lèmi nìkan ń fọ abọ́. Owó iná ńkọ́? Ṣé ẹrú rẹ ni mí ni? Jọ̀ọ́, wá nǹkan ṣe sí i.”

Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Àmọ́ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa rí létí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. “Gbogbo ìgbà” ló máa kọ́kọ́ dì mú. Kíá ló máa rántí Sátidé tó fọ gbogbo kíṣìnì, àríyànjiyàn á sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹrú á dùn ún ju ọ̀rọ̀ abọ́ lọ. Bó tilẹ̀ fẹ́ sanwó lójú ẹsẹ̀, kò mọ iye tí wọ́n ń bi í, kò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ẹ.

Àwọn mìíràn a máa sá fún irú ìbínú bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá sọ gbogbo rẹ̀ di àwàdà: “Kíṣìnì wa ti di ọjà Bódìjà o 😂. Mítà náà tún ti ń ké!” Ẹnìkejì á rẹ́rìn-ín padà, ó tán, abọ́ ṣì wà ní síǹkì. Àwọn kan á fi òwe gún un lórí sítátọ́ọ̀sì. Èyí ni mo kórìíra jù, torí ó ń sọ gbèsè èèyàn méjì di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ará àdúgbò ń dá sí.

Èmi gbà pé ó yẹ ká ya ọ̀rọ̀ owó sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ilé, ká fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìkíni ló ń mú ọ̀rọ̀ owó rọ̀, kì í ṣe ẹ̀rín. Lẹ́yìn ìkíni, ká sọ iye àti ọjọ́ bó ṣe wà. Kí á tó tẹ ohunkóhun, ká ṣírò rẹ̀ dáadáa, ká sì ka ohun tí ẹnìkejì náà ti san mọ́ ọn. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rẹ́ wa tún un kọ báyìí:

“Ẹ̀yin tèmi, o kú iṣẹ́ o. Mo ti ṣírò oṣù yìí. Mo san ₦12,000 fún iná, ₦15,000 fún gáàsì, ₦3,000 fún omi. Ìwọ san ₦4,000 fún àwọn akódọ̀tí. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦34,000, ₦17,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí a bá yọ ₦4,000 rẹ, ó ku ₦13,000. Ṣé wàá lè fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì? Tí kò bá ní pé lẹ́ẹ̀kan, sọ èyí tó wà nílẹ̀ fún mi.”

₦4,000 yẹn kéré, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń kà á gbà pé wọn ò yàn án jẹ. Tó bá jẹ́ pé ó lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí pé ọ̀kan nínú wọn ló ní fíríìsà, ìdajì-ìdajì lè má tọ́. Kí wọ́n máa kọ iye yúníìtì tó wà lójú mítà sílẹ̀ kó tó lọ àti nígbà tó bá dé. Bí wọn ò bá ra iná sí i láàárín ìgbà náà, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ẹni tó kù nílé lò.

Ọ̀rọ̀ abọ́ ló lè gba àwàdà, ìkòkò la sì máa fi ṣe é, kì í ṣe èèyàn: “Ìkòkò àmàlà àná ń kí ẹ o, ó ní òun ò tíì wẹ̀ 😄. Ṣé ká fi ṣe òfin pé kí oníkálukú fọ ohun tó lò kó tó sùn? Mo máa gbálẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ìwọ gbá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Bí èèyàn bá bọ́ ẹ̀rín yẹn kúrò, ìbéèrè àti àdéhùn ṣì wà níbẹ̀ kedere. Tí kò bá sí nǹkan kan tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́lẹ́ jù.

Bó bá jẹ́ ẹni tó jù wá lọ ni, “ẹ” la máa lò látòkèdélẹ̀. Àmọ́ kí ẹgbẹ́ ẹni má ṣàdédé di “ẹ” lọ́jọ́ tí owó dé. Ó máa mọ̀ pé inú ń bí wa.

Tí ìdáhùn bá jẹ́ “Ó dáa” lásán, tàbí ẹ̀rín tí kò ní ọjọ́ nínú, a ò tíì rí ìdáhùn gbà. Kí á tún bi í lẹ́ẹ̀kan péré: “Ṣé ọjọ́ Ẹtì náà ni?” Bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá láì sí owó, kí á gbé fóònù sílẹ̀, ká kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ nígbà tí ara tù ú, ká jókòó tì í, ká sì bi í bóyá ó máa san án lẹ́ẹ̀mejì.